Bí a ṣe ń sọ fún olùwáṣẹ́ pé a ò gbà á

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lọ́jọ́ Ẹtì ṣì ń wo fóònù rẹ̀. Ẹlòmíràn lẹ sì ti mú. Kí lẹ fẹ́ kọ sí i?

Ẹ jẹ́ ká mú arábìnrin kan tó wá iṣẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹ bi í bó ṣe yanjú ọ̀rọ̀ oníbàárà kan tó ń bínú. Ó ṣàlàyé dáadáa, àmọ́ "a ṣe èyí, a ṣe tọ̀hún" ló ń wí ṣáá. Nígbà tó fi máa parí, ẹ ò mọ èyí tó ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé máàkì yín lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn ti máa jáde.

Lẹ́tà náà nìyí:

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹlòmíràn la mú fún iṣẹ́ náà. A gbádùn àlàyé yín lórí bí ẹ ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun. Ohun kan tó lè ràn yín lọ́wọ́ níbòmíì ni pé, nígbà tí ẹ ń sọ ti oníbàárà tó ń bínú, a ò rí ipa tiyín nínú rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin gan-an ṣe, àti ibi tó já sí."

Ó tán. Ẹ wo gbólóhùn kejì: ibẹ̀ ni ìpinnu wà. Mo ti ka irú lẹ́tà yìí tó kọ́kọ́ yin èèyàn títí tó fi rò pé òun ti wọlé, kí wọ́n tó já a kulẹ̀ nísàlẹ̀. Ìkà nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo? Tó bá ti di mẹ́ta, ó ti di ìwé ẹ̀sùn, ẹni náà á sì fẹ́ jẹ́jọ́. Ẹ mú èyí tó lè tún ṣe kó tó lọ síbòmíì. Bó ṣe ń fọ èdè tàbí bí ojú rẹ̀ ṣe rí kò sí níbẹ̀.

Nígbà míì, kò ṣe àṣìṣe kankan. Ọdún tí ẹnì kejì ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ló pọ̀ jù tirẹ̀ lọ. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wá ẹ̀bi kan lẹ̀ mọ́ ọn torí pé ẹ fẹ́ fún un nímọ̀ràn. Ẹ má sì kọ "a ó pè yín láìpẹ́" tí ẹ ò bá ní pè é, nítorí yóò máa retí rẹ̀.

Tó bá fèsì pé ẹjọ́ náà ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré: "Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìpinnu wa ò yí padà." Ẹ má tún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ṣe lórí ímeèlì.