Kéèkì tí tíṣà ń yan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé owó orí wà lórí ẹ̀?

Àǹtí tíṣà kan ló béèrè níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa n'Ílọrin. Wọ́n ní àwọn ń gba owó oṣù, àmọ́ tẹ́nì kan bá ń ṣègbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ àwọn máa ń bá wọn yan kéèkì, oṣù míì sì wà tí nǹkankan ò ní wọlé, ṣé ìyẹn náà lè di bísínẹ́ẹ̀sì tí ìjọba á gba owó orí lé lórí?

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òfin ò wo bóyá lemọ́lemọ́ lẹ ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ra fúláwà, tẹ́ ẹ yan án, tẹ́ ẹ tà á kẹ́ ẹ lè jèrè, òwò ti nìyẹn, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àmọ́ fíríìjì àlòkù tẹ́ ẹ tà torí ẹ ra tuntun kì í ṣe òwò o, bẹ́ẹ̀ náà ni owó àjọ tẹ́ ẹ kó, tàbí owó ọdún tí bùrọ̀dá yín fi ránṣẹ́.

Èrè la ń san owó orí lé, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Ká ní kéèkì mú ₦420,000 wá lọ́dún, tí fúláwà, ẹyin, ṣúgà, gáàsì àti owó ọ̀kadà sì kó ₦255,000 lọ, ₦165,000 ló kù. A kì í yọ owó óòfùn tuntun kúrò nínú èrè lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún mélòó kan la máa ń pín in sí.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa nìyí. Nínú òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ ò ní owó orí, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn wá ń sọ pé "kéèkì mi ò tó 800,000, kò kàn mí." Ó kàn yín o, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa rí ₦800,000 yẹn lò, owó oṣù sì ti lè gbé e jẹ tán. Tí owó oṣù yín lọ́dún bá ku ₦1,100,000 lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó pẹ́ńṣọ̀n àtàwọn nǹkan tí òfin gbà, ibi iṣẹ́ ti yọ ₦45,000 lórí ₦300,000 tó lé. Orí ìyẹn ni èrè kéèkì máa gùn, ìdá 15 nínú ₦165,000 sì jẹ́ ₦24,750. Àmọ́ tó bá jẹ́ ₦500,000 ló kù nínú owó oṣù, ₦665,000 ni gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Ibi iṣẹ́ yín ò mọ̀ nípa kéèkì, torí náà ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù KW-IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Kwara, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Ẹ ya akáùntì kéèkì sọ́tọ̀, torí tí álàátì àjọ bá dà pọ̀ mọ́ ti kéèkì, ẹ ò ní lè fi hàn pé èyí kì í ṣe èrè. Àwọn tó ń ta ẹyin l'Ọ́jà Ọba sì lè má fún yín ní rìsíìtì, ẹ fi tíránsífà sanwó fún wọn, kẹ́ ẹ kọ iye kireeti àti iye owó sínú ìwé lọ́jọ́ yẹn gan-an.