Ìlà Àkọ́kọ́ Lábẹ́ Àwòrán Ẹja

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ fi ìpàtẹ sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlà àkọ́kọ́ tí à ń kọ sábẹ́ àwòrán ọjà lórí Instagram ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ̀pẹ́ la wà, nítorí náà ẹja ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní ẹ ya àwòrán ẹja àrọ̀ yíyan tí ẹ ká róbótó sórí àtẹ, ìmọ́lẹ̀ sì tàn sí i dáadáa. Ẹ gbé e sórí Instagram, ẹ wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà, ẹja yíyan ti dé o, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ fún iye rẹ̀.” Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ajah, ó ń fi àtàǹpàkò ti fóònù rẹ̀ sókè. Yóò kọjá lórí ẹja yín. Ìkíni ti gba iwájú, ohun tó sì tẹ̀ lé e ni ojú rẹ̀ ti rí: ẹja ni, a ti yan án.

Àyè tó wà níbẹ̀ kéré. Instagram gbà wá láyè láti kọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 125 ló sábà máa ń hàn kó tó gé e, kó sì kọ “more” síbẹ̀. Orúkọ ìsọ̀ yín ló máa ń ṣáájú lórí ìlà yẹn kan náà, nítorí náà bí orúkọ bá ṣe gùn tó ni ọ̀rọ̀ yín ṣe ń sún sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá rí ìdí láti dúró kò ní tẹ “more”.

Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ìlà àkọ́kọ́ sọ ohun tí àwòrán kò lè sọ. Àwòrán kò lè sọ bí ẹja ṣe gbẹ tó nínú, kò lè sọ bó ṣe máa rí nínú ìkòkò. Ibo la ti máa rí ọ̀rọ̀ náà? Nínú ìbéèrè tí oníbàárà ń béèrè kó tó sanwó.

Èmi àti ìyá kan tó ń ta ẹja jókòó ti ìpàtẹ rẹ̀, a ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà lórí WhatsApp rẹ̀. Mo rò pé iye owó ni gbogbo wọn ń béèrè. Àwọn kan béèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń padà wá ṣáá ni: “Mà, ṣé kò ní fọ́ sínú ọbẹ̀?” Ẹja tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ ti já wọn kulẹ̀ níbòmíràn. Ìyá wa kọ́kọ́ kọ pé: “Ẹja tó dára jù lọ ní Ẹ̀pẹ́.” Mo ní kó pa á rẹ́, torí pé gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ló lè kọ ọ́. Ó tún kọ pé: “Ẹja wa gbẹ dáadáa.” Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ “dáadáa” kò ṣe é fojú inú rí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kọ èyí:

“Ẹja àrọ̀ yìí gbẹ dé egungun. Ẹ sè é mọ́ ẹ̀gúsí, kò ní fọ́.”

Kò tó ìdajì àyè tí a ní. Iye owó àti iye ẹja tó wà nínú páálí wá bọ́ sí ìlà kejì, ìkíni sì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó dùn ún díẹ̀ láti gbé ìkíni sísàlẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀, ọmọ Yorùbá ni wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dúró kò gbọ́ ìkíni náà.

Kí ẹ tó kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ dá ẹja kan sí méjì níbi tó ti nípọn jù. Bó bá rọ̀, tí omi ṣì wà nínú ẹran rẹ̀, ẹ má kọ ọ́. Ìlà tó dá ènìyàn dúró tí ẹja sì tú sínú ọbẹ̀ rẹ̀ ti lé oníbàárà náà lọ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Ẹ má jẹ ẹja mọ́!” tí àwọn kan ń fi dẹ́rù bani. Ènìyàn á dúró lóòótọ́, á bínú, á sì lọ.

Ẹ má fi iye ọkàn pupa tí wọ́n tẹ̀ mọ ìlà tó ṣiṣẹ́. Ẹ wo ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wọlé. Bí wọ́n bá ṣì ń béèrè bóyá yóò fọ́, ìlà náà kò tíì dé etí wọn. Bí wọ́n bá ń béèrè pé “Mélòó lẹ máa gbà gbé e dé Ìkòròdú?”, ó ti dé. Ẹ dán an wò nígbà mélòó kan, nítorí ọjọ́ kan lè kàn jẹ́ ọjọ́ owó oṣù.

Nígbà tí òbòkún tútù dé, ìyá wa fẹ́ lo ìlà ẹja yíyan. Mo ní ká tún padà sínú àtẹ̀jíṣẹ́. Àwọn tó ń ra tútù kò béèrè nípa fífọ́ rárá. Ìgbà tí wọ́n pa á àti ẹni tó máa tún un ṣe ni wọ́n ń béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ kí n tó là ẹnu: “Òbòkún àárọ̀ yìí láti inú ọ̀sà. A ti fọ̀ ọ́, a ti gé e, ìkòkò ló kù.”