Ta Ni Wọ́n Ń Mirí Fún? SMH, IDK àti Àwọn Àgbà Ilé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn òbí àtàwọn ọmọ wọn tó ti dàgbà nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wà níbẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti yọ̀ǹda pé kí n sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ lọ rí dókítà. Dókítà sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀kan, ó sún un lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó tún di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ wọn pé: "Wọ́n tún ti sún un o, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Èsì tó wọlé kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ: SMH.

Màmá rò ó títí. Wọ́n ní lẹ́tà ńlá mẹ́ta tó tò tẹ̀ lé ara wọn báyẹn, orúkọ ilé ìwòsàn ló jọ. Ọmọ náà ti bá àwọn rí ibòmíràn nìyẹn. Wọ́n yáa fèsì pé: "Níbo ló wà?" Ohun tí wọ́n ń bi í kò yé ọmọ, lòun náà bá tẹ idk.

Àládùúgbò kan tó gbọ́ tinú-tòde èdè fóònù ló wá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. SMH, shaking my head, mò ń mirí. IDK, I don't know, mi ò mọ̀. Ìtumọ̀ yẹn pé pérépéré, ohun tó sì da ọ̀rọ̀ rú nìyẹn. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kàn ń rú màmá lójú ni. Lẹ́yìn rẹ̀, inú wọn bàjẹ́. Wọ́n ní, "Mo ní dókítà ń já mi kulẹ̀, ọmọ mi ń mirí sí mi. Mo bi í léèrè, ó ní òun ò mọ̀." Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn kò fi gbé ìpè rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tó mọ ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún lè má tíì mọ ohun tí wọ́n sọ fún òun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ìgékúrú yìí ti lágbára. Ní 1985, ẹlẹ́rọ ará Jámánì kan, Friedhelm Hillebrand, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ń tẹ gbólóhùn tó bá ṣáà ti wá sí i lọ́kàn, ó sì ń ka iye lẹ́tà, àlàfo àti àmì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé wọn kì í sábàá kọjá 160. Iye tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gbà nìyẹn títí dòní, bó bá jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán ló wà níbẹ̀. Ẹni bá fi lẹ́tà tó ní àmì abẹ́ bíi ẹ tàbí ọ sí i, 70 ló kù fún un. Ọ̀kan lára ìdí nìyẹn tí àwa náà fi máa ń bọ́ àmì kúrò lára èdè wa nínú fóònù, ṣùgbọ́n ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀.

Àyè kékeré wà níbẹ̀, ìka tún ń jìyà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo fóònù oníbọ́tìnnì, ẹ rántí pé lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń gbé orí bọ́tìnnì kan. Lórí 4 ni G, H àti I wà, nítorí náà I gba títẹ̀ ìgbà mẹ́ta. D jẹ́ ìgbà kan lórí 3, K jẹ́ ìgbà méjì lórí 5. IDK di ìgbà mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà tán, I dont know, tí kò tiẹ̀ dá sí àmì ìyọlẹ́tà, yóò tẹ bọ́tìnnì ní ìgbà 20. Mo ka SMH náà: ìgbà méje ni, odindi gbólóhùn rẹ̀ sì jẹ́ 27. Ta ni kò ní gé e?

Lónìí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ lórí gíláàsì, fóònù sì ń bá wa parí ọ̀rọ̀ ká tó rò ó tán. Ìyà ìka ti dópin, síbẹ̀ ìgékúrú kò lọ, torí ó ti rí iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ ojú àti orí ló ń ṣe báyìí: ohun tí à bá fi ojú tàbí orí ṣe bó bá jẹ́ pé a jọ jókòó ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọmọdé ló dá a sílẹ̀ o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí OMG, ìyẹn "Oh my God", nínú ìwé, lẹ́tà kan tí Lọ́ọ̀dù Fisher, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ sí Winston Churchill ní 1917 ni. Ẹni ọdún 76 ni bàbá náà lọ́jọ́ tó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí SMH. Mímirí kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. A ń mirí kọ nǹkan. A ń mirí bá ẹni tí nǹkan bá ṣe kẹ́dùn. A tún ń mirí sí ẹni tó ṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Bí a bá jọ wà níbì kan, ojú ló máa sọ èyí tó jẹ́. (Ní ilẹ̀ Bọ̀gáríà, ẹni tó bá ń mirí sọ́tùn-ún sósì, "bẹ́ẹ̀ ni" ló ń wí, kí á má tíì dé ibẹ̀.) Nínú fóònù, ojú kò sí, ibi tí SMH bọ́ sí nínú ọ̀rọ̀ ló ń ṣojú fún ojú.

Bó bá dá dúró gẹ́gẹ́ bí èsì sí ìròyìn tí kò dára, ẹni tó kọ ọ́ wà lẹ́yìn yín, ọ̀rọ̀ náà lẹ jọ ń mirí sí. "Ó mà ṣe o" ni. Bó bá tẹ̀ lé ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, bíi "Mo tún ti ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lé, smh," ara rẹ̀ ló ń mirí sí. Èyí tó yẹ kó dun àgbà ni èyí tó tẹ̀ lé ohun tí àgbà náà ṣe: "Ẹ tún ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín ránṣẹ́ sí àlejò, smh." Ẹ̀yin ni wọ́n ń mirí sí níbẹ̀ yẹn, kò sí àní-àní. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó bí yín.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò ni pé mo ń fi "ó mà ṣe o" rọ́pò rẹ̀. Bí gbólóhùn náà bá dúró dáadáa, ìkẹ́dùn ni. Ẹ fi sínú èsì tí màmá gbà: "Wọ́n tún ti sún un o." "Ó mà ṣe o." Ṣé ẹ rí i? Ọmọ náà kò ṣẹ̀ wọ́n rárá.

Àṣìtúmọ̀ kì í sì tètè hàn, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ní oṣù karùn-ún 2012, Rebekah Brooks, tó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn rí, jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù pé David Cameron, tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, a máa fi LOL parí àtẹ̀jíṣẹ́ sí òun. Cameron rò pé lots of love, "pẹ̀lú ìfẹ́ púpọ̀", ni, títí Brooks fi sọ fún un pé laugh out loud, "mò ń rẹ́rìn-ín sókè", ni. Ẹ wò ó dáadáa: ìfẹ́ púpọ̀ kì í ṣe àjèjì ní ìparí iṣẹ́ tí a rán sí ọ̀rẹ́. Kò sí ohun tó máa ta ko àṣìṣe náà. Èèyàn lè máa lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, títí ọjọ́ tó máa kọ ọ́ sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

IDK wá ńkọ́? Bó bá dá dúró lẹ́yìn ìbéèrè, èsì ni, ó sì sábà máa ń jẹ́ "mi ò tíì mọ̀" ju "mi ò mọ̀" lọ. Ẹ bi í bóyá á wá ní Sátidé, ó ní idk: kò tíì pinnu ni, kò kọ̀. Ohun tó ń mú un le létí Yorùbá ni pé kò sí "ẹ" nínú rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta, kò sí màmá, kò sí bàbá, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Àgbà ń wá ibi tí ọ̀wọ̀ wà, kò sì sí àyè fún un níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù ni èyí tó wà ní ìparí: "Bóyá kí n tiẹ̀ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, idk." Ẹni tó kọ ìyẹn mọ ohun tó ń wí. Ó fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á, ó wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ lè wọlé. Mo ti rí bàbá tó fèsì pé, "Bí ìwọ ò bá mọ̀, ta ló fẹ́ mọ̀?" Ilẹ̀kùn pa dé. Bí ẹ bá rí irú idk yẹn, ẹ gbé fóònù, kí ẹ pe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn dáadáa ná, nítorí IDC wà, "kò kàn mí" sì nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe sí fóònù yín, kó lè máa sọ ìgékúrú di odindi gbólóhùn. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ General, lẹ́yìn náà Keyboard, ẹ wá tẹ Text Replacement, kí ẹ sì tẹ àmì +. Ẹ kọ odindi gbólóhùn sí Phrase, kí ẹ kọ ìgékúrú sí Shortcut. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi smh ṣe "Ó mà ṣe o, màmá. Ṣé kí n bá yín pè wọ́n?" Ó dára púpọ̀, àfi pé fóònù kò mọ ẹni tó ń kọ̀wé sí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù kò dùn mọ́ nínú rí i gbà. Mo ní kó yí ìgékúrú náà sí smhm, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè sinmi.

Nígbà tí mo parí, bàbá kan dìde. Wọ́n ní, "Èyí tó o mẹ́nu bà la gbọ́. Tuntun tó bá tún jáde lọ́la ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n má béèrè pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, torí lẹ́tà ni ọmọ máa tú fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n jókòó níwájú, ló dá wọn lóhùn kí n tó sọ èyí tó kù. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń kọ padà báyìí ni: "Èmi lò ń mirí sí ni, àbí dókítà?"