Nígbà Tí Ọ̀gá Bá Ń Fún Òṣìṣẹ́ Ní Máàkì Ọdún

Ẹ̀yin ọ̀gá àti alábòójútó tí ẹ péjọ sí Yaba, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí àṣìṣe méjì tó máa ń wọ inú àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún láìjẹ́ pé ọ̀gá fẹ́ ṣe ojúsàájú. Èkíní ni kí ìwà kan lára òṣìṣẹ́ bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Èkejì ni kí ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ gba ipò gbogbo ọdún.

Ní ọdún 1920, Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde nípa bí àwọn ọ̀gá ológun ṣe ń fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn ní máàkì. Ó rí i pé máàkì fún ìrísí, làákàyè, ìdarí àti ìwà sún mọ́ ara wọn ju bó ti yẹ lọ, bí ẹni pé èrò kan ṣoṣo ni ọ̀gá ní nípa ẹni náà, tó sì ń kọ ọ́ sí gbogbo àyè.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ẹ̀ka ìṣirò owó kan ní Marina. Òṣìṣẹ́ kan mọ̀ ọ́n sọ, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà 5 ni ọ̀gá kọ láti òkè fọ́ọ̀mù dé ìsàlẹ̀, títí kan ìpéye àkọsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́jà rẹ̀ kì í sábà bá ìwé báǹkì mu. Ẹnì kejì rẹ̀ ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, àmọ́ ní oṣù Kọkànlá ó san owó ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá sì fún un ní 2 fún ìpéye. Tí a bá wo ọdún náà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, 5, 4, 5 àti 2 ló tọ́ sí i; tí a bá ro ó pọ̀, tí a sì pín in sí mẹ́rin, 4 ni. Àṣìṣe oṣù Kọkànlá tóbi, ó sì yẹ kí a bá a sọ ọ́ ní oṣù náà gan-an, ṣùgbọ́n kò lè pa oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ rẹ́.

Ohun tí mo gbà gbọ́ jù ni ìwé àkọsílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ọ̀gá kọ ọjọ́, ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe àti àbájáde rẹ̀, ìbáà dára, ìbáà burú, láìfi ọ̀rọ̀ bí "ọ̀lẹ" tàbí "akíkanjú" kún un. Nígbà tí ó bá fẹ́ fún wọn ní máàkì, kí ó ka ìwé náà láti oṣù Kìíní, kí ó sì fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní máàkì lórí ìpéye nìkan kí ó tó kan ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú oníbàárà. Ọ̀nà yìí ń mú kó fi iṣẹ́ wé iṣẹ́, dípò kí ó máa gbé gbogbo ènìyàn kan yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ lè ṣègbè, nítorí ẹni tó jókòó nítòsí ọ̀gá ni ọ̀gá máa ń rí. Nítorí náà, kí ó ka iye ìgbà tí ó kọ nǹkan nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí máàkì ẹnì kan bá sì dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó wá ẹ̀rí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ iṣẹ́ gbogbo ní tòótọ́. Bí ẹ̀rí bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí ó fi máàkì wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má fi ipá dín in kù.