Ilẹ̀kùn Ilé Kan Péré Ni Ẹ Tì

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Gwárínpá, Àbújá. Ibi tí míìkì ti kú lẹ́ẹ̀mejì nìkan ni mo yọ kúrò.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n alága wa ti fi 15 kí àwọn èèyàn pàtàkì, wọ́n sì pọ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní Kúbwà tó ń ṣe kápẹ́ńtà. Lálẹ́ ọjọ́ tó fi owó igi oníbàárà ta tẹ́tẹ́ tán, ó wọ inú áàpù tẹ́tẹ́ náà, ó tẹ Responsible Gaming, ó tẹ Self-Exclusion, ìyẹn ni pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun fúnra òun, ó yan oṣù 6. Wọ́n bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àkáǹtì náà tì lójú ẹsẹ̀. Ó sunkún ayọ̀, ó ní òun ti bọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ mìíràn: ẹ fi owó sí i, a ó fi díẹ̀ kún un fún yín. Nọ́ńbà fóònù kan náà, orúkọ kan náà ló fi forúkọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Kí ló fà á? Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tì í ló ni ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èkejì kò rí ìwé náà. Ẹ lọ bá ìyá alámàlà kan ní ọjà Wúsè, kí ẹ ní kó má tà fún yín mọ́. Ó gbọ́. Ṣé ìyẹn kan ìyá tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

Ohun tí mo ń sọ láti ọdún yìí wá nìyẹn, ó sì ti sú àwọn ọ̀rẹ́ mi: ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni títi ilẹ̀kùn yìí ń bá rìn, kì í bá èèyàn rìn. Ní Bìrìtéènì, wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ GAMSTOP. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2020, ó di dandan kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba àṣẹ ibẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó forúkọ sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, ímeèlì, fóònù. Ẹ ó yan oṣù 6, ọdún 1 tàbí ọdún 5. Ẹ ò lè yí i padà kí àkókò náà tó pé, tó bá sì pé, kò ní ṣí fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹ fúnra yín ní kí wọ́n ṣí i, kí ẹ sì tún dúró fún wákàtí 24. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí kò gba àṣẹ Bìrìtéènì kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo tiwa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni òfin lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Àbújá níhìn-ín nìkan ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún. Àṣẹ ti pín káàkiri. Àwọn kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń sọ pé bọ́tìnnì inú áàpù ti yanjú ọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá sí Nyanya lálẹ́ Sátidé.

Ibí ni ìyá kan ti nawọ́: “Bọ̀ọ̀dá, ọmọ tèmi kì í fi fóònù ta á. Ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ. Níbo ni bọ́tìnnì yẹn wà níbẹ̀?”

Mo ṣí ìwé tí mo mú wá, mo tún pa á dé. Ìyá mi, kò sí. Ẹni tó bá fi owó lé kántà kò ní àkáǹtì. Wọ́n á tẹ ìwé pélébé jáde fún un, ẹni tí ìwé náà bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń san owó fún. Kò sí orúkọ tí wọ́n máa fi dá a mọ̀. Ní Bìrìtéènì pàápàá, ètò ọ̀tọ̀ ni ti ṣọ́ọ̀bù: fọ́tò yín ni wọ́n ń gbà, ojú òṣìṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ dá yín mọ̀. Níhìn-ín, ẹ lè bẹ oníṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ìlérí ẹnu lásán nìyẹn.

Alága ti ń wo aago, nítorí náà mo yára sọ èyí tó kù. Ìsinmi ráńpẹ́ tí áàpù ń fúnni yàtọ̀ sí títì gan-an: òun a máa ṣí fúnra rẹ̀, ẹ wo èwo lẹ tẹ̀. Ẹ gba owó tó kù jáde kí ẹ tó tì í. Ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó lè dínkù, torí òun ló mú kápẹ́ńtà wa padà. Áàpù ọ̀fẹ́ kan tún wà, BetBlocker, tó ń dí àwọn ojúlé tẹ́tẹ́ lórí fóònù fúnra rẹ̀, tí kì í bi wọ́n léèrè ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n fóònù ìyàwó kò sí lára rẹ̀.

Kápẹ́ńtà náà ńkọ́? Oníbàárà ló ń san owó igi fún onígi tààrà báyìí. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyàwó ló sì ń gbà á.