Èló ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ détà gbà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìlọrin, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ká ní ìyá kan tó ń ta oògùn ní Tankẹ fún yín ní àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀, ìlà 2,000 nínú Excel, ó ní kí ẹ bá òun wo oògùn tó ń tà jù lóṣooṣù. Èló ni ẹ ó gbà?

Ẹ má tíì dárúkọ owó. Ẹ gba fáìlì náà, ẹ mú ìlà 100 níbẹ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì máa wo aago. Ẹ ó rí orúkọ oògùn tí àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ `=TRIM(A2)` sí òpó tuntun, ẹ fà á dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, á yọ ìyẹn kúrò nínú gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti kọ PCM dípò Paracetamol, ojú àti ọwọ́ ló ń fẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ bi Màmá léèrè kó tó dá yín lójú.

Ọjọ́ ló máa ń tan ènìyàn jù. Màmá tẹ 03/04/2025, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ló ní lọ́kàn, àmọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ìlànà Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Tó bá tẹ 25/04/2025, kò sí oṣù tó ń jẹ́ 25, nítorí náà Excel á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, á sì lẹ̀ mọ́ apá òsì, nígbà tí ọjọ́ gidi ń lẹ̀ mọ́ ọ̀tún. Bó bá jẹ́ pé kìkì ọjọ́ tó ju 12 lọ ló wà lósì, ẹ fura sí àwọn ti ọ̀tún: àwọn gan-an ló ti ṣì oṣù. Mo tẹnu mọ́ ọn torí ọjà tí Màmá máa rà ló máa fi èsì yín pinnu.

Ó wá ku ìṣirò. Bí iṣẹ́ ọwọ́ lórí ìlà 100 bá gba ìṣẹ́jú 15, ti 2,000 á gba wákàtí márùn-ún. Fọ́múlà àti ọjọ́ á gba wákàtí kan, bí ìlà ti wù kó pọ̀ tó. Tábìlì àti àlàyé á gba méjì. Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Bí ẹ bá fi wákàtí kan sí ₦2,000, ó di ₦16,000. Ẹ fi ₦3,000 kún un fún epo jẹnẹrétọ̀ àti détà íńtánẹ́ẹ̀tì, ó di ₦19,000.

Wákàtí tí ẹ fi wo fídíò láti mọ bí wọ́n ṣe ń tún ọjọ́ ṣe kò sí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yín nìyẹn, kò tọ́ ká bu ú lé Màmá lórí. Àmọ́ n kò fara mọ́ kí ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ náà: ẹni tí kò sanwó kì í sábà ráyè dáhùn ìbéèrè nípa PCM, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn yẹn ni èsì yín dúró lé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un pé: “Màmá, ₦19,000 ni. Ẹ san ìdajì báyìí, ìdajì tó kù di ìgbà tí mo bá parí. Mo máa ṣe àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ìbéèrè tuntun lówó tirẹ̀.” Kí ẹ tó gba ìdajì kejì, ẹ fi hàn án pé àpapọ̀ owó ọjà inú fáìlì tí ẹ tún ṣe bá ti àkọ́kọ́ mu.