Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà Inú Lẹ́tà 1929: Bí A Ṣe Ń Tú Ọ̀rọ̀ Àtijọ́ Sí Yorùbá Òde Òní

[Lẹ́tà kan hàn lórí tábìlì, ó ti pọ́n, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ já.]

Ẹ kú ìjókòó o. Inú àpótí pákó kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni bébà tí ẹ ń wò yìí ti jáde, lábẹ́ aṣọ òkè ìyá bàbá mi. Ọdún 1929 ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi tó lọ ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo ló kọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀ nílé.

Ọmọ àǹtí mi kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó kà á, ó tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí fóònù, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí Wọ́sáàpù. Ohun tó kọ ni pé àwọn bàbá wa jẹ gbèsè ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún náírà, wọ́n sì fi ọmọ ṣe ẹrú fún olówó kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá àgbà wa ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń sunkún. Èmi náà wá gbé lẹ́tà sójú ìmọ́lẹ̀. Kò sí ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún níbẹ̀. Kò sì sí ẹrú.

Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an:

"Aburo mi ọwọn, mo fi iwe yi ki ọ. Alafia ni gbogbo wa wa lãrin ilu yi. Niti owo ti a gba lọwọ olowo, ọkẹ mẹfa ni, ki iṣe mejọ. Ọmo na si wa ni iwofa titi di oni, on li o nṣe iṣẹ oko wọn. Nitorina mo fi ọkẹ mẹrin ranṣẹ. Ki o san a, ki o si bẹ wọn ki nwọn fi meji iyoku duro di ikore koko. Ki o maṣe ta oko ti o wa li ẹhin ule. Emi ni egbọn rẹ tõtọ."

Bébà mẹ́ta ni mo máa ń lò fún irú iṣẹ́ yìí. Lórí èkíní, mo ń da lẹ́tà náà kọ bó ṣe wà, àṣìṣe pẹ̀lú àìsí àmì, n kò tún ohunkóhun ṣe. Lórí èkejì, mo ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àkọtọ́ òde òní, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ̀kẹta ni ìtumọ̀ ní èdè tí ọmọ ilé ìwé máa gbọ́. Ẹni tó bá fo ti àkọ́kọ́ kò ní ibi tí yóò padà sí nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé, "Irọ́ ni, bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀." Bí tàdáwà bá ti ṣá, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má sì fi sélótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ tan iná fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ gba orí bébà kọjá. Ibi tí ẹnu gègé ti tẹ bébà mọ́lẹ̀ yóò ní òjìji, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ tó ti parẹ́.

Bébà kejì kò le tó bí ẹ ṣe rò. Àkọtọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn olùkọ́ wa fohùn sí ní Èkó ní 1875 ni lẹ́tà yìí ń tẹ̀ lé, òun náà ló wà nínú Bíbélì àtijọ́. Ní 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí èyí tí a ń lò báyìí. Ẹni tó bá ti ka "aiye" àti "enia" ní ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. "Nwọn" ni "wọ́n", "on li o nṣe" ni "òun ni ó ń ṣe". Ìlà kékeré tó dà bí ejò lórí "lãrin" àti "tõtọ" kì í ṣe ti ohùn imú. Ohùn tó gùn ló ń tọ́ka sí: láàárín, tòótọ́. "Iwe" tó sì wà ní ìlà àkọ́kọ́, lẹ́tà ni, kì í ṣe ìwé kíkà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ láìsí àmì ló ń dá mi dúró. Ẹ wo "ki o san a". Ṣé "kí o san án" ni, ìwọ àbúrò mi, tàbí "kí ó san án", ẹlòmíràn? Àbúrò ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, òun ni owó ń lọ bá, nítorí náà "kí o" ni mo mú. Ẹ wo "oko" náà. Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí fi àmì sábẹ́ "ọkẹ", ó sì gbàgbé sábẹ́ "ọmo". Nítorí náà a kò lè fi àìsí àmì sọ pé oko tí a ń ro ni. Ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro ó. Ṣùgbọ́n ọkọ́ kì í wà lẹ́yìn ilé kí ẹ̀gbọ́n máa ti Òṣogbo kọ̀wé pé kí wọ́n má tà á. Oko ni.

"Ule" wá ńkọ́? Ọmọ àǹtí mi ní àṣìṣe ni, ó ti fẹ́ tún un ṣe. Ẹ fún mi ní àyè kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé ulé ni à ń pe ilé, uṣu ni à ń pe iṣu. Yorùbá ìwé ni bàbá ń gbìyànjú láti kọ, ẹnu ilé wá já jáde lára rẹ̀ ní ìlà tó kẹ́yìn. Lórí bébà kìíní, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ̀kẹta, ẹ kọ "ilé".

Ó ku owó, níbi tí ìjà ẹbí ti bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, tí a bá pe ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, iye nọ́ńbà la ń kà: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000. Ọmọ àǹtí mi mú 20,000, ó sọ ọ́ di mẹ́fà, ó rí 120,000, ó sì fi náírà lé e. Ìṣírò rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé owó ẹyọ ni wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀, àpò tó gba ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́. Nígbà tí owó òyìnbó dé, orúkọ kò kúrò lẹ́nu, ó kàn lẹ̀ mọ́ owó tuntun. Ẹgbàá di orúkọ sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà ayé ìgbà náà. Sísì mẹ́wàá jẹ́ ọgọ́ta kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ méjìlá ló ń ṣe ṣílè kan, nítorí náà ọ̀kẹ́ kan di ṣílè márùn-ún.

Ẹ wá bá mi ṣe é. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Ogún ṣílè ló ń ṣe pọ́n-ùn kan, nítorí náà gbèsè náà jẹ́ pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ pọ́n-ùn kan géérégé. Ó ku ọ̀kẹ́ méjì, ṣílè mẹ́wàá.

N kò fi ìṣírò nìkan gbà á. Nínú àpótí kan náà ni rìsíìtì kékeré kan wà, akọ̀wé kan fi èèbó kọ £1 0s 0d sí i, oṣù kan náà, ọdún kan náà. Ó bá ọ̀kẹ́ mẹ́rin mu. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ pé ìṣírò yín ni.

Àwọn kan yóò ní kí n sọ ọ́ di náírà. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n pàrọ̀ sí náírà kan. Gbogbo gbèsè náà yóò wá jẹ́ náírà mẹ́ta. Ta ló máa gbọ́ náírà mẹ́ta lónìí tí kò ní bú sẹ́rìn-ín? Ẹ fi í sílẹ̀ ní pọ́n-ùn àti ṣílè.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló wá kù. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ẹni tó yá a lówó, ẹni tí à ń pè ní olówó rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó dípò èlé ni. Kì í dín owó náà kù rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó pé ni ọmọ ń padà sílé, ọmọ bàbá rẹ̀ ló sì ń jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Olowo" inú lẹ́tà náà kò túmọ̀ sí ọlọ́rọ̀, ẹni tó ni gbèsè ni. "Wọn" tó sì ń pè é, ọ̀wọ̀ ni, ó lè jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Àbúrò mi kan ní kí n kàn kọ ọ́ pé ọmọ náà "ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko", kí ìyá àgbà má bàa sunkún mọ́. N kò gbà. Ọmọ tí kò lè wálé títí owó yóò fi pé kì í ṣe alágbàṣe. Kò sí ọ̀rọ̀ òde òní kan ṣoṣo tó gbé e, mo fi "ìwọ̀fà" sílẹ̀, mo sì ṣàlàyé rẹ̀.

"Koko" tó kẹ́yìn, kòkó tàbí kókò? Oṣù Keje ni wọ́n kọ lẹ́tà náà, ìkórè kòkó ńlá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Òun ló sì ń mú owó wọlé. Mo mú kòkó, mo fi àmì ìbéèrè sí i.

Bébà kẹta nìyí:

"Àbúrò mi ọ̀wọ́n, mo kí ọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílùú yìí. Owó tí a yá lọ́wọ́ olówó wa, ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni (pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá), kì í ṣe mẹ́jọ. Ọmọ náà ṣì jẹ́ ìwọ̀fà wọn títí di òní: ó ń ṣiṣẹ́ lóko wọn dípò èlé, títí a ó fi san owó náà tán. Nítorí náà mo fi ọ̀kẹ́ mẹ́rin ránṣẹ́ (pọ́n-ùn kan). San án fún wọn, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù fún ọ̀kẹ́ méjì tó kù (ṣílè mẹ́wàá) títí di ìkórè kòkó (?). Má ta oko tó wà lẹ́yìn ilé o. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tòótọ́."

Mo kà á fún ìyá àgbà lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ yẹn, kí lorúkọ ẹ̀?" Mo tún lẹ́tà náà yẹ̀ wò, iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú iná fóònù láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ bébà kẹta: lẹ́tà náà kò dárúkọ ọmọ náà.